Ìyá Elélùbọ́ àti ìpè tó wá láti báǹkì: bí máájìn kọ́ọ̀lù ṣe ń ṣiṣẹ́

(Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn, fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ọ. Ohùn márùn-ún ni, a tò wọ́n tẹ̀léra.)

Ohùn kìíní

  

Ẹnìkan nínú wa bi mí ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: tí báǹkì bá yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, tí ṣíà yẹn sì wà lọ́wọ́ báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìdógò, kí ló dé tí báǹkì tún fi ń pe onígbèsè pé kó wá san owó, nígbà tí ọjọ́ àdéhùn kò tíì pé? Ìbéèrè gidi ni. Ìpè yẹn ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní máájìn kọ́ọ̀lù. Máájìn ni owó tìrẹ tó wà nínú ọjà náà, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù tí a bá yọ gbèsè kúrò nínú iye tí ṣíà rẹ ń tà. Kọ́ọ̀lù ni ìpè pé máájìn yẹn ti kéré ju bí a ṣe ṣàdéhùn, kí o wá fi kún un.

Mo máa fi ìtàn ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan wà ní Dogarawa tó ń ta èlùbọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri o, èmi ni mo dá a sílẹ̀ fún àpèjúwe, owó inú ìtàn rẹ̀ náà, èmi ni mo gbé e kalẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Àmọ́ àkókò tí mo fi í sí, àkókò gidi ni, ọdún 2008. Ẹ̀yin àgbà inú wa á rántí. Lópin ọdún 2005, ìjọba ti ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà. Báǹkì 89 di 25. Báǹkì ń ta ṣíà fún aráàlú, ṣíà ń gbówó lórí, tíṣà ń rà, awakọ̀ ń rà, ìyá alátà ń rà. Nígbà tó yá, àwọn báǹkì kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ṣíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà Nàìjíríà ti kọjá 66,000. Kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ibi tó máa ga dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já nìyẹn.

Ohùn kejì

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Ìyá Elélùbọ́ ní 500,000 náírà lọ́wọ́. Bróókà kan wà ní Kaduna, ìyẹn dìláàlì ọjà ṣíà, ẹni tó ń bá èèyàn rà tó ń bá èèyàn tà. Ó sọ fún un pé, "Màmá, 500,000 yín yìí, báǹkì máa fi 500,000 míì kún un. Mílíọ̀nù kan lẹ máa fi wọ ọjà." Ìyá gbà. Ní àárín oṣù Kẹrin, wọ́n ra ṣíà báǹkì kan fún un ní 20 náírà ẹyọ kan. Mílíọ̀nù kan náírà ra ṣíà 50,000.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ sí bróókà yẹn. Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Tí ṣíà yẹn bá lọ sí 30 náírà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọjà ìyá á tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Tó bá san gbèsè àti èlé, 960,000 náírà ló máa kù ú lọ́wọ́. Ká ní kò yáwó rárá, ṣíà 25,000 péré ni owó rẹ̀ ì bá rà, 750,000 ni ì bá sì ní. Owó tí ó yá ló mú èrè náà pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ìwé kan wà tí ìyá fọwọ́ sí. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tó yẹ kó yé wa.

Èkíní, ṣíà náà jẹ́ ti ìyá lórúkọ, ṣùgbọ́n báǹkì ti dè é mọ́lẹ̀. Ìyá kò lè tà á láìjẹ́ pé báǹkì gbà.

Èkejì, èlé náírà 2 lórí 100 lóṣù. Lórí 500,000, 10,000 náírà nìyẹn lóṣoṣù. Tí ìyá kò bá san án, wọ́n á fi kún gbèsè.

Ẹ̀kẹta, èyí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ wa: iye tí ṣíà náà ń tà lọ́jà gbọ́dọ̀ máa jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ gbèsè nígbà gbogbo. Ìyẹn ni pé tí ìyá bá jẹ 100 náírà, ṣíà tó tó 150 náírà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá dín sí i, báǹkì á pè é. Tí kò bá wá ní ọjọ́ méjì, báǹkì lè ta ṣíà náà láì bi í.

Ẹ wò ó bí ẹni tó fi ìdógò ata rodo yáwó. Ẹni tó yá ọ lówó kò dúró kí ata jẹrà tán kó tó sọ̀rọ̀. Bí iye tí ata ń tà bá ti ń já wálẹ̀, ó ti ń wo ojú ẹ. Kò bìkítà bóyá ata á tún wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó tiẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ohùn kẹta

Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ìyá ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní tà, ó máa gòkè padà. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà lè sọ bẹ́ẹ̀ kó sì jókòó. Ẹni tó yáwó rà kò ní àṣẹ láti jókòó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní àárín oṣù Kẹjọ, ṣíà tí ìyá rà ní 20 náírà ti di 15. Ọjà rẹ̀ jẹ́ 750,000 náírà. Gbèsè rẹ̀ ńkọ́? 500,000 pẹ̀lú èlé oṣù mẹ́rin tí kò san, ó di 540,000. Ìlọ́po kan ààbọ̀ 540,000 jẹ́ 810,000. Ọjà rẹ̀ kò tó o, 60,000 ló fi dín. Fóònù dún. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Láti báǹkì ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa kí ọ̀túnla tó pé."

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbí. Ká ní èlé kò gorí gbèsè, 750,000 gan-an ni wọn ì bá máa retí, ọjà ìyá ì bá sì tó o ní géérégé. Èlé ló ti ìlà náà sókè. Ṣíà lè dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà, síbẹ̀ kí ìpè dé, torí gbèsè ń dàgbà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìyá lè gbà dá báǹkì lóhùn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba.

Ọ̀nà kìíní, kó san owó. Mélòó? Ẹlòmíì á ní 60,000, torí iye tó fi dín nìyẹn. Rárá o. 40,000 ti tó. Tó bá san 40,000, gbèsè di 500,000, ìlọ́po kan ààbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 750,000, ohun tí ọjà rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà kejì, tó bá ní ṣíà míì nílé, kó mú èyí tó tó 60,000 wá fi kún ìdógò.

Ọ̀nà kẹta, kó jẹ́ kí wọ́n tà lára ṣíà náà kí wọ́n fi dín gbèsè kù. Ọ̀nà yìí ló ń ya èèyàn lẹ́nu. Láti dí ihò 60,000, ìyá máa ta 120,000, ìyẹn ṣíà 8,000. Kí ló fà á? Torí bó ṣe ń tà, gbèsè ń dín, ṣùgbọ́n ìdógò náà ń dín pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá ta 120,000, ṣíà tó kù jẹ́ 630,000, gbèsè tó kù jẹ́ 420,000. Ẹ fi kan ààbọ̀ lu 420,000, ẹ ó rí 630,000. Pẹ́rẹ́gẹ́dẹ́. Pẹ̀lú àdéhùn kan ààbọ̀ yìí, ìlọ́po méjì ihò ni èèyàn ń tà láti fi dí ihò.

Ìyá yan ọ̀nà kìíní. Ó mú 40,000 nínú owó tó fẹ́ fi kó èlùbọ́ wá láti Ṣakí, ó san án. Ó rò pé òun ti ra ṣíà òun padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Èlé oṣù mẹ́rin gan-an ló san. Gbèsè 500,000 àkọ́kọ́ ṣì dúró digbí, ọjà sì ṣì ń wálẹ̀.

Ohùn kẹrin

Ní àárín oṣù Kẹsàn-án, ṣíà ti di 12 náírà. Ọjà ìyá jẹ́ 600,000. Gbèsè jẹ́ 510,000. Wọ́n ń retí 765,000. Ìpè kejì dé. Tó bá fẹ́ fi owó yanjú rẹ̀, 110,000 ni. Tó bá fẹ́ tà lára rẹ̀, 330,000 ni, ìyẹn ṣíà 27,500 nínú 50,000. Ó ju ìdajì lọ.

Ìyá kò ní 110,000 mọ́ láìpa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ tà á, ẹ ta gbogbo rẹ̀." Lójú ìwé, kò burú púpọ̀: 600,000, yọ gbèsè 510,000, 90,000 á kù sí i lọ́wọ́. Nínú 540,000 tó ti fi sínú rẹ̀, 90,000. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó ṣe tán láti gbà á.

Wọn kò rí i tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọdún 2008 ti yàtọ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, nígbà tí ọjà ń já, àwọn aláṣẹ ọjà ṣíà ṣe òfin kan. Wọ́n ní ṣíà lè gòkè ní ìdá 5 nínú 100 lóòjọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Èrò wọn ni láti dá ọjà dúró. Àmọ́ ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ sọ fún mi. Bí tòmátì bá pọ̀ lọ́jà débi pé agbọ̀n tó jẹ́ 1,000 kò lè tà ju 600 lọ, tí aláṣẹ ọjà wá ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á kéré sí 990 lónìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa rà lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé lọ́la á di 980, lọ́tùn-únla á tún dín. Ta ló fẹ́ rà lónìí? Olùtà á tò jọ, olùrà á jókòó sílé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Wọ́n kọ iye kan sójú bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n iye ojú bọ́ọ̀dù kì í ṣe iye tí èèyàn lè gbà. Ṣíà ìyá wà nínú ìlà, ó ń fi ìdá 1 wálẹ̀ lóòjọ́, èlé sì ń gùn ún. Nígbà tó fi di ìparí oṣù Kẹwàá, 12 náírà ti di 9, kò sì tíì tà. Nínú ìtàn wa, ìgbà tí wọ́n mú òfin yẹn kúrò ni báǹkì tó rí i tà, ní 8 náírà. 400,000 ni gbogbo rẹ̀. Gbèsè ti di 520,000. Báǹkì kó 400,000, wọ́n wá kọ lẹ́tà sí ìyá pé ó ṣì jẹ 120,000.

Ṣé ẹ rí i? Láti 90,000 tó yẹ kó gbà sọ́wọ́, ó di 120,000 tó jẹ. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti tà. Kò sí olùrà ni. Ìdí tí kò fi sí olùrà ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà ní ipò rẹ̀. Báǹkì ń ta ti ìyá, ó ń ta ti tíṣà Samaru, ó ń ta ti oníṣòwò Èkó, nígbà kan náà. Bí wọ́n bá ta ti ẹnìkan, iye ṣíà á tún wálẹ̀, èyí á tún pe ẹlòmíì. Ìpè ló ń bí ìpè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo Nàìjíríà ló rí i. Òṣùwọ̀n tó ti kọjá 66,000 parí ọdún 2008 ní nǹkan bíi 31,000. Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2009, kò tó 20,000 mọ́. Àwọn báǹkì tó yáni lówó náà kó sí wàhálà, torí ìdógò tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó gbèsè mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, gómìnà báǹkì àpapọ̀, Sanusi Lamido Sanusi, yọ àwọn ọ̀gá báǹkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. Gbèsè tí wọ́n yáni láti fi ra ṣíà wà lára ohun tó dá wọn lójú ilẹ̀. Ní ọdún 2010, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́. Nígbà tó di ìparí ọdún 2012, ìjọba kéde pé òun dárí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà ji ilé iṣẹ́ bróókà 84. Ilé iṣẹ́ bróókà ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀ o. Irú Ìyá Elélùbọ́ kọ́.

Ohùn karùn-ún

Mo fẹ́ parí rẹ̀ báyìí, fóònù mi ń kú lọ.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi irú owó yìí lọ̀, lórí ìwé tàbí lórí fóònù, ìṣirò kan wà tó yẹ kó ṣe kó tó fọwọ́ sí i. Mú gbèsè, fi kan ààbọ̀ lù ú, tàbí iye yòówù tí ìwé àdéhùn bá sọ. Pín in sí iye ṣíà tó o máa rà. Ohun tó o bá rí, òun ni iye tí wọ́n máa pè ọ́. Ti ìyá: 500,000 lọ́nà kan ààbọ̀ jẹ́ 750,000. Pín in sí 50,000, ó jẹ́ 15 náírà. Lọ́jọ́ tó rà á ní 20, ó yẹ kó ti mọ̀ pé bí ṣíà bá ti wálẹ̀ ní náírà 5 péré, fóònù á dún, àti pé èlé á máa ti 15 yẹn sókè lóṣoṣù.

Wá wò ó ká ní 200,000 péré ló yá lé 500,000 rẹ̀. Á ra ṣíà 35,000. 200,000 lọ́nà kan ààbọ̀ jẹ́ 300,000. Pín in sí 35,000, ó jẹ́ náírà 8 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ká tiẹ̀ fi èlé kún un, nígbà tí ṣíà wà ní 15, kò sẹ́ni tó máa pè é. Nígbà tó wà ní 12, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó á pàdánù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ìpinnu á wà: kó tà, tàbí kó dúró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbèsè kékeré àti gbèsè ńlá nìyẹn. Pàdánù nìkan kọ́ ló ń pọ̀ sí i. Àṣẹ ìgbà tí èèyàn máa tà ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣirò yẹn, ìbéèrè mẹ́ta péré ló kù láti bi bróókà tàbí báǹkì, kí ìdáhùn sì wà nínú ìwé. Ọjọ́ mélòó ni mo ní lẹ́yìn ìpè? Ṣé ẹ lè tà á láì bi mí? Tí ẹ bá tà á tí kò tó gbèsè, ṣé mo ṣì máa jẹ yín ní ìyókù? Ti Ìyá Elélùbọ́, ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni bẹ́ẹ̀ ni, kò sì bi wọ́n títí lẹ́tà fi dé.

Kí ẹ sì wo ìgbà míì tí irú ṣíà yẹn ti já: ṣé olùrà wà lọ́jọ́ náà? Torí gbogbo ìṣirò tí mo ṣe yìí, ó dúró lórí pé èèyàn lè tà lọ́jọ́ tó fẹ́ tà. Ẹni tó ti gbé ata dé ọjà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ogún já ata sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù, kí gbogbo wa lè gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbé ẹrù ní Kano, ẹ rìn dáadáa o. Ó dàbọ̀.